Bí a ṣe ń wá àyè fún ọ̀rọ̀ lójú fídíò kí bọ́tìnì fóònù má bàa bò ó

Nígbà tí èèyàn bá ń to fídíò pọ̀, gbogbo ojú fídíò náà ló máa ń ṣófo fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí bọ́tìnì kankan níbẹ̀. Ìgbà tí fídíò bá dé orí TikTok tàbí Reels ti Instagram ni áàpù yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ to ẹrù tirẹ̀ lé e. Orúkọ ẹni tó gbé e síta àti àlàyé tó kọ á bọ́ sí apá òsì nísàlẹ̀. Láìkì, kọ́mẹ́ǹtì àti ṣíà á tò lọ sísàlẹ̀ ní apá ọ̀tún. Lókè pátápátá ni èyí tí a fi ń bọ́ láti abala kan sí òmíràn máa wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà nínú fídíò fúnra rẹ̀. Lásìkò tí a bá ń wò ó ni áàpù ń yà wọ́n sórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó hàn ketekete níbi tí wọ́n ti ń to fídíò fi lè sọnù lójú ẹni tó ń wò ó.

Ká mú ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági Tuntun n'Íbàdàn. Àdìrẹ Ìbàdàndùn ló fẹ́ tà, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Mápó máa ń wà lára rẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 15 ló ṣe, ó na aṣọ náà sókè lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì kọ orúkọ aṣọ, iye yáàdì àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà sísàlẹ̀ pátápátá. Èrò rẹ̀ dára: kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ bo iṣẹ́ ara aṣọ. Àmọ́ ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni áàpù ti ń gba àyè jù. Kò pẹ́ tí kọ́mẹ́ǹtì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, yáàdì mélòó ni?” “Mà, ibo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?” Bí àwọn èèyàn bá ń béèrè ohun tí a ti kọ sójú fídíò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fura sí ibi tí a kọ ọ́ sí kí a tó sọ pé wọn kò fara balẹ̀ wò ó.

Fídíò olóòró tí àwọn áàpù wọ̀nyí ń lò sábà máa ń jẹ́ píksẹ́lì 1080 ní fífẹ̀ àti 1920 ní gíga. Píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán lójú fóònù, òun la sì máa fi wọn àyè. Ilé iṣẹ́ Meta, tó ni Instagram, gba àwọn tó ń polówó lórí Reels nímọ̀ràn pé kí wọ́n má kọ ọ̀rọ̀ sí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lókè, ìdá 35 nísàlẹ̀ àti ìdá 6 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi èyí wọn fídíò wa, nǹkan bíi 270 ló lọ lókè, 670 lọ nísàlẹ̀, 65 sì lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Èèyàn lè rò pé 670 ti pọ̀ jù. Ìpolówó ni wọ́n dìídì wọn ọ́n fún, torí pé bọ́tìnì tí oníbàárà máa tẹ̀ náà máa ń jókòó sísàlẹ̀ níbẹ̀. Fídíò lásán kì í gba tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èmi á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń tajà, nítorí fídíò tó bá ń mú oníbàárà wá lónìí ni èèyàn máa fẹ́ fi owó polówó lọ́la, kò sì sí bí a ṣe lè sún ọ̀rọ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ fídíò lẹ́yìn tí a bá ti gbé e síta.

Apá ọ̀tún ló gba kí a fi ojú ara wa wọ̀n ọ́n, torí 65 kò tó láti yẹra fún àwọn bọ́tìnì tó tò síbẹ̀. Ẹ ṣí fídíò ẹlòmíràn lórí áàpù tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín. Bí fóònù náà bá jẹ́ 720 ní fífẹ̀ àti 1600 ní gíga, bí ọ̀pọ̀ fóònù tí owó rẹ̀ kò wọ́n ṣe máa ń rí, fídíò tó kún ìbú rẹ̀ kò ní kún gíga rẹ̀. Gíga fídíò á jẹ́ 1280, èyí tó ṣẹ́kù á wà fún áàpù. Ibi tí fídíò wà nìkan ni kí ẹ gé jáde nínú àwòrán náà, kí ẹ yọ àlà dúdú tó wà nísàlẹ̀ tàbí lókè kúrò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á gbé odidi àwòrán 1600 lé fídíò, gbogbo ìwọ̀n á sì yẹ̀ lórí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé e, ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ ní ìlọ́po kan àbọ̀, torí 720 lọ́nà kan àbọ̀ ni 1080, 1280 lọ́nà kan àbọ̀ sì ni 1920. Bí ìlà àwọn bọ́tìnì bá bẹ̀rẹ̀ láti 600 nínú àwòrán yín, 900 ló máa jẹ́ nínú fídíò. A jẹ́ pé 180 ló lọ lápá ọ̀tún.

Bí a bá yọ 65 lósì àti 180 lọ́tùn-ún, àyè tó kù fẹ̀ tó 835, ṣùgbọ́n kò sí láàárín fídíò mọ́, ó ti tẹ̀ sí òsì. Àwọn kan máa ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sí òsì bẹ́ẹ̀. Èmi fara mọ́ kí a yọ 180 lápá méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ wà láàárín gangan lórí ìbú 720. Ìdí méjì ni mo rí. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan á dà bí àṣìṣe nígbà tí a bá gbé fídíò náà sí Status WhatsApp, níbi tí kò sí bọ́tìnì tó tò sí ọ̀tún bẹ́ẹ̀. Èkejì ni pé bí áàpù kan bá fa fídíò gùn kó lè kún fóònù tó ga, bíi 720 sí 1600 tiwa yìí, ẹ̀gbẹ́ fídíò ló máa gé: nǹkan bíi 108 á lọ lápá kọ̀ọ̀kan. 180 ti gba ìyẹn mọ́ra.

Àyè tí ìyá aláṣọ wa ní báyìí fẹ̀ tó 720, ó sì ga tó 980, láti 270 dé 1250. Òkè àyè yìí ni kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bíi 300. Bó bá tún fídíò náà ṣe, kó rẹ ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀, kí òpó Mápó ara aṣọ bọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀; nípa bẹ́ẹ̀, ohun tó ń bẹ̀rù kò ní ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà á tò sí ìlà mẹ́ta:

Àdìrẹ Ìbàdàndùn
Yáàdì 5
Gbági Tuntun

Ìlà tó gùn jù ní lẹ́tà 15 bí a bá ka àlàfo mọ́ ọn. Lẹ́tà kan sábà máa ń fẹ̀ tó ìdajì gíga tí a yàn fún un. Bí a bá yan 80, ìlà yẹn á gbà tó 600, á sì ku 60 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. A nílò àlàfo yẹn, nítorí aró àti funfun ló kún ara àdìrẹ. Lẹ́tà funfun á sọnù níbi tó bá bọ́ sórí funfun, lẹ́tà dúdú á sì sọnù nínú aró. Òjìji tí wọ́n máa ń fi sẹ́yìn lẹ́tà kò tó fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Àpótí dúdú lẹ́yìn lẹ́tà funfun ni kó lò, òun ló sì máa gba àyè nínú àlàfo yẹn.

Èdè wa ní ohun kan tó yẹ kí a ṣọ́ níhìn-ín, àwọn tó ń ṣe lẹ́tà fún èdè mìíràn kì í sì í sábà rántí rẹ̀. Àmì ohùn wa wà lókè lẹ́tà, àmì ìsàlẹ̀ tún wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Bí ìlà bá sún mọ́ra jù, àmì ìsàlẹ̀ ẹ nínú “Àdìrẹ” á fẹ́ kan àmì orí ìlà tó tẹ̀ lé e. Bí àpótí dúdú bá fún mọ́ lẹ́tà, á gé àmì orí À àti Ì kúrò, bí gbogbo rẹ̀ bá sì jẹ́ lẹ́tà ńlá, ó tún burú sí i. Fún lẹ́tà 80, ẹ jẹ́ kí ìlà kan jìnnà sí èkejì ní 112, ìyẹn ìlọ́po 1.4. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba 336, wọ́n á parí ní nǹkan bíi 636, gbogbo ìsàlẹ̀ títí dé 1250 á sì jẹ́ ti aṣọ.

Irú lẹ́tà tí a yàn náà lè dà á rú. Lẹ́tà bíi ọ́ kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà: ọ ni, a wá gbé àmì ohùn lé e. Bí lẹ́tà tí a yàn kò bá mọ bó ṣe máa gbé e, àmì náà á rìn lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kí fóònù yá ọ́ láti ara irú lẹ́tà mìíràn, kí ó wá sanra tàbí kí ó tín-ín-rín ju àwọn yòókù lọ. Kí a tó yan irú lẹ́tà kankan, ká kọ́kọ́ tẹ “Ọ̀ṣọ́ ẹ̀kọ́ ńlá” pẹ̀lú rẹ̀. Bí àmì kan bá yẹ̀ níbẹ̀, ká wá òmíràn. Noto Sans máa ń gbé àwọn àmì wọ̀nyí síbi tó yẹ. Mi ò fara mọ́ kí a yọ àmì kúrò nítorí ìnira yìí. Ẹni tó ń kà á yóò ní láti dúró rò ó, ìṣẹ́jú àáyá tí kò pọ̀ sì ni fídíò ní.

Ní ti àkókò, àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán tẹlifíṣọ̀n lédè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ṣírò ọ̀rọ̀ 160 sí 180 fún ìṣẹ́jú kan, bíi mẹ́ta fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ wa kò ju mẹ́fà lọ, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá méjì tó láti kà á. Àmọ́ ojú ẹni tó ń wò ó á kọ́kọ́ bọ́ sórí aṣọ kó tó rí ọ̀rọ̀. Kí ó fún un ní mẹ́rin. Kí ọ̀rọ̀ náà sì ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé lẹ́tà ń fò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó ń kà á máa dúró de lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ni.

Àwòrán ojú fóònù tí a gé lẹ́ẹ̀kan wúlò kọjá wíwọ̀n. Nínú CapCut, áàpù tí a fi ń to fídíò pọ̀, ẹ gbé e lé fídíò pẹ̀lú Overlay, kí ẹ fà á títí tó fi kún ojú fídíò, kí ẹ sì dín Opacity rẹ̀ kù sí nǹkan bíi 40. Ẹ ó máa rí bọ́tìnì fírífírí bí ẹ ṣe ń to ọ̀rọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó gbé fídíò jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́tìnì ayédèrú á wà nínú fídíò títí lọ.

Lẹ́yìn náà, kí a wò ó lórí fóònù ẹlòmíràn, nítorí ohun tí áàpù ń fi han ẹni tó ni fídíò kì í ṣe ohun kan náà tó ń fi han àlejò. Bí àlàyé ìsàlẹ̀ bá gùn, kí ẹni náà tẹ̀ ẹ́ kó ṣí tán, kí a lè rí ibi tó gùn dé. Àwọn áàpù sì máa ń sún bọ́tìnì wọn kiri bí wọ́n bá ṣàtúnṣe. Tí ìlà bọ́tìnì bá ti kúrò níbi tó wà nínú àwòrán tí ẹ gé, ẹ ya òmíràn, kí ẹ sì tún un wọ̀n.