Bí ẹyin àti àtọ̀ ṣe ń pàdé nínú túùbù, àti bí ọlẹ̀ ṣe ń rìn dé ilé-ọmọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé inú ilé-ọmọ ni àtọ̀ ọkùnrin ti ń pàdé ẹyin obìnrin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin tó bá dé ilé-ọmọ láìpàdé àtọ̀ ti kú kó tó débẹ̀. Inú túùbù, ọ̀nà tó ti ẹ̀gbẹ́ ilé ẹyin lọ sínú ilé-ọmọ, ni wọ́n ti ń pàdé, níbi tó sún mọ́ ilé ẹyin ju ilé-ọmọ lọ. Ohun tó ń wọ ilé-ọmọ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà kì í ṣe ẹyin lásán mọ́, ọlẹ̀ ni.

Túùbù méjì ló wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Gabriele Falloppio, oníṣègùn ará Ítálì tó ń kọ́ni ní Padua, ló ṣàpèjúwe wọn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1561, orúkọ rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn sì fi ń pè wọ́n títí dòní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Ẹnu rẹ̀ tó wà lápá ilé ẹyin ní àwọn ìka wẹ́wẹ́ yí ká, wọn ò sì rán an mọ́ ilé ẹyin: àyè wà láàárín wọn. Lẹ́yìn ẹnu yìí ni ibi tó fẹ̀, tó gùn jù nínú túùbù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tóóró, kí ó tó wá gba inú ẹran ara ilé-ọmọ kọjá. Níbi tóóró yìí, ihò tó wà nínú rẹ̀ kò ju bíi mílímítà kan sí méjì lọ.

Ohun méjì ló ń mú nǹkan rìn nínú túùbù. Irun tíntìntín bo ara ògiri inú rẹ̀, wọ́n ń fẹ́ síhà ilé-ọmọ láìsinmi. Iṣan ara túùbù náà sì ń fún, ó ń tú. Ẹyin kò lè wẹ̀, kò ní ìrù bíi ti àtọ̀, nítorí náà àwọn méjèèjì yìí nìkan ló gbójú lé. Tí àìsàn bá ba irun yẹn jẹ́, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó padà dé bẹ̀.

Àtọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, ẹyin ló ń bá a. Nígbà tí ọkùnrin bá da àtọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń tó mílílítà 2 sí 5, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó dé ibi tó fẹ̀ nínú túùbù kì í ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Omi kíkan inú abẹ́ ń pa púpọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ sì há sí ẹnu ilé-ọmọ. Ní ọjọ́ díẹ̀ kí ẹyin tó jáde, omi ẹnu ilé-ọmọ máa ń mọ́ gaara, ó sì ń fà bíi funfun ẹyin adìyẹ tútù, èyí ló ń jẹ́ kí àtọ̀ ríbi gbà. Ní àwọn ọjọ́ tó kù nínú oṣù, omi náà ki, kò sí ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń wá ọmọ ló ń bẹ̀rù pé àtọ̀ tó ń ṣàn jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ló fa ìdádúró. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọn tó máa wọlé ti wọlé, omi tí wọ́n wẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń dà nù.

Àtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò tíì lè gba ẹyin. Ó gbọ́dọ̀ lo wákàtí mélòó kan nínú ara obìnrin, kí àwọn ohun tó bo orí rẹ̀ bọ́ kúrò, kí ìrù rẹ̀ sì lágbára sí i. Ní 1951 ni M. C. Chang ní Amẹ́ríkà àti C. R. Austin ní Ọsirélíà, tí kálukú ń ṣe tirẹ̀, rí èyí. Ibi tóóró túùbù ni ọ̀pọ̀ àtọ̀ ti ń dúró dè: orí wọn á lẹ̀ mọ́ ògiri, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń tú sílẹ̀. Wọ́n lè wà láàyè tó ọjọ́ márùn-ún. Ẹyin ní tirẹ̀ kì í kọjá wákàtí 24 lẹ́yìn tó bá jáde. Ìdí nìyẹn tí ìbálòpọ̀ ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹyin tó jáde fi sàn ju ti ọjọ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹyin bá jáde, kì í jáde níhòòhò. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń lẹ̀ ló yí i ká, àwọn yìí ni irun orí ìka túùbù ń mú, tí wọ́n fi ń fa gbogbo rẹ̀ wọnú. Túùbù apá kan lè gbé ẹyin apá kejì pàápàá. Obìnrin tí wọ́n ti yọ túùbù ọ̀tún rẹ̀, tí ilé ẹyin òsì rẹ̀ sì ti di yíyọ, ṣì lè lóyún.

Nínú ibi tó fẹ̀, àtọ̀ á gba àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kọjá, á wá kan èèpo tó yí ẹyin ká. Orí àtọ̀ ní àpò kékeré kan tí èròjà tó ń jẹ nǹkan kún inú rẹ̀. Àpò yìí á ṣí, ìrù á sì máa fi agbára tì í títí á fi lu èèpo já. Bí ọ̀kan bá ti kan ara ẹyin tó sì dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹyin á tú èròjà mìíràn jáde láti inú ara rẹ̀ tó ń sọ èèpo náà le, kí àwọn tó kù má baà ráyè wọlé. Ó ní ìdí. Kúrómósómù 23 ni ẹyin ní, 23 ni àtọ̀ náà ní, 46 ni èèyàn sì nílò. Tí àtọ̀ méjì bá wọlé, ó di 69, irú oyún bẹ́ẹ̀ kì í sì í dúró. Ìbejì tí kò jọra kò ti ibí yìí wá: ẹyin méjì ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àtọ̀ kọ̀ọ̀kan sì wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú wọn ló pọ̀ jù nínú ìbejì tí a mọ Igbó-Ọrà sí.

Láti ìgbà yìí lọ, ìrìnàjò ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yára. Ọlẹ̀ ń pín sí méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, síbẹ̀ kò tóbi sí i, nítorí èèpo ṣì wà lára rẹ̀. Èèpo yìí ṣe pàtàkì: òun ni kò jẹ́ kí ọlẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri túùbù. Níbi tí ibi tó fẹ̀ ti ń di tóóró, ọlẹ̀ á dúró fún ọjọ́ bíi méjì, nítorí iṣan ibẹ̀ ṣì fún. Ibi tí ẹyin ti jáde nínú ilé ẹyin ló ń ṣe họ́mónù purojẹ́sítírónì, bí èyí bá sì ti pọ̀ tó, iṣan náà á dẹ̀, ọlẹ̀ á kọjá. Ìdúró yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Họ́mónù kan náà ló ń tún awọ inú ilé-ọmọ ṣe, bí ọlẹ̀ bá yára débẹ̀ jù, kò ní í bá ibùsùn.

Ká mú obìnrin kan tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, tó sì máa ń rí i lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 28. Òun àti ọkọ rẹ̀ sùn pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 12. Àtọ̀ ti ń dúró nínú túùbù nígbà tí ẹyin jáde ní alẹ́ ọjọ́ 14, wọ́n sì pàdé kí ilẹ̀ ọjọ́ 15 tó mọ́ dáadáa. Ní ọjọ́ 16, ọlẹ̀ ti di sẹ́ẹ̀lì méjì. Ní ọjọ́ 18, ó ti tó mẹ́jọ, ó ṣì wà nínú túùbù. Ní ọjọ́ 19 ló wọ ilé-ọmọ. Láàárín ọjọ́ 20 sí 21 ló bọ́ èèpo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ awọ ilé-ọmọ láti ọjọ́ 21 sí 24. Ìgbà tó bá lẹ̀ tán ni họ́mónù oyún tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Tí obìnrin yìí bá fi ìtọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò ní ọjọ́ 20, ohun èlò náà á sọ pé kò lóyún, bẹ́ẹ̀ ọlẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 29, tó yẹ kó rí nǹkan oṣù rẹ̀, ló yẹ kó dúró dè.

Ohun tó ń ba túùbù jẹ́ jù ni àìsàn inú abẹ́, pàápàá kilamídíà àti àtọ̀sí, tó gòkè láti ẹnu ilé-ọmọ wọ túùbù. Kilamídíà sábà máa ń wà lára obìnrin láìfi ara hàn. Ó ń pa irun inú túùbù, ó sì ń fi àpá sílẹ̀. Tí àpá dí túùbù méjèèjì pátápátá, àtọ̀ àti ẹyin ò ní í pàdé, oyún kò ní í wà.

Túùbù tó dí díẹ̀ ló léwu ju èyí tó dí pátápátá lọ. Ẹyin fẹ̀ tó ìdá mẹ́wàá mílímítà kan, orí àtọ̀ sì kéré sí i ju ìlọ́po ogún lọ. Ibi tí àtọ̀ gbà kọjá láìṣòro lè dá ọlẹ̀ dúró. Ọjọ́ kẹfà á pé, ọlẹ̀ á bọ́ èèpo rẹ̀ níbi yòówù kó wà, á sì lẹ̀ mọ́ ògiri túùbù. Oyún bẹ́ẹ̀ kò lè dàgbà débi tí a ó fi bí i. Ògiri túùbù tín-ín-rín, bí oyún bá sì ti ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ láti ìgbà nǹkan oṣù tó rí gbẹ̀yìn, ó lè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà sínú ikùn.

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń ro ní apá kan, tó tún ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ ro pé nǹkan oṣù ló fẹ́ wá. Tí òyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tí orí èjìká bá ń dun ún, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú ikùn. Ilé ìwòsàn ló ń lọ lójú ẹsẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n á fi sikáànù wò ó láti ojú ara. Tí họ́mónù oyún bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí ilé-ọmọ sì ṣófo, túùbù ni wọ́n á fura sí. Tí kò bá tíì pọ̀ tó, wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 48: nínú oyún tó ń lọ dáadáa, họ́mónù yìí sábà máa ń lé sókè gan-an láàárín àkókò náà. Tí wọ́n bá tètè mọ̀, oògùn mẹtotirẹ́sétì lè yanjú rẹ̀. Tí ó bá ti bẹ́, iṣẹ́ abẹ ni.

Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo túùbù, tí wọ́n ń da omi aláwọ̀ gba ẹnu ilé-ọmọ tí wọ́n sì ń ya ẹ̀sìréè, máa ń fi hàn bóyá ọ̀nà ṣí. Kò lè sọ bí irun inú rẹ̀ ṣe rí. Túùbù tó ṣí lórí fíìmù ṣì lè jẹ́ èyí tí kò lè gbé ọlẹ̀ rìn.

Túùbù ìyá Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n ṣe oyún rẹ̀ níta ara ìyá rẹ̀, dí, ìyẹn ni wọ́n fi pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ nínú àwo nílé àyẹ̀wò, tí wọ́n sì gbé ọlẹ̀ lọ tààrà sínú ilé-ọmọ. Ní oṣù Keje 1978 ni wọ́n bí i ní Ìlú Ọba. Síbẹ̀, oyún tí Robert Edwards àti Patrick Steptoe, àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, kọ́kọ́ kéde ní 1976, kí ti ọmọ yìí tó wáyé, inú túùbù ló lọ lẹ̀ sí. Ọlẹ̀ tí wọ́n gbé sínú ilé-ọmọ lè ṣí kúrò níbẹ̀ gòkè wọ túùbù, nítorí náà obìnrin tó bá lóyún lọ́nà yìí náà gbọ́dọ̀ ṣe sikáànù ní kùtùkùtù láti mọ ibi tí oyún náà jókòó sí.