Màsítáítìsì: àrùn ọmú màlúù tí ọwọ́ ẹni tó ń fún wàrà ń gbé kiri

Màsítáítìsì ni àwọn dókítà ẹran ń pe àrùn tó máa ń mú kí inú ọmú màlúù wú nígbà tí kòkòrò àrùn bá gba ihò orí ọmú wọlé. Ọmú màlúù pín sí mẹ́rin. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀, wàrà inú ọ̀kan kì í sì í ṣàn bọ́ sínú èkejì, ìdí nìyẹn tí ìpín kan fi lè máa ṣàìsàn kí mẹ́ta yòókù wà lálàáfíà. Bí kòkòrò bá ti wọlé, ara màlúù á kó sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá a jà níbẹ̀. Ìjà yẹn ló ń yí wàrà padà. Bó bá sì pẹ́, ẹran ara tó ń pèsè wàrà nínú ìpín náà á bàjẹ́, á di ẹran líle, wàrà ibẹ̀ kò sì ní pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àrùn yìí máa ń hàn síta nígbà mìíràn. Ọmú á wú, á gbóná, á le, màlúù á máa ta ẹsẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, wàrà á sì máa jáde pẹ̀lú kóró-kóró, tàbí kó dà bí omi, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyẹn kò ṣòro mọ̀. Èyí tó ń jẹ owó wa jù ni èyí tí kò hàn. Wàrà á funfun, ọmú kò ní wú, màlúù á máa jẹun, ṣùgbọ́n wàrà á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò, ó lè ní iyọ̀ lẹ́nu, nítorí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ti ń jò wọ inú rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń fi omi ewé bọmubọmu dì í fún títà máa ń tètè fura, torí pé ohun tó ń mú kí wàrà dì ti dín kù nínú rẹ̀. Ó máa rọ̀, omi rẹ̀ á pọ̀, èyí tí wọ́n á rí tà kò sì ní tó ti tẹ́lẹ̀.

Ní agbègbè Àbújá, láti Kúje títí dé Gwagwaladá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún wàrà ní àwọn agbo kéékèèké. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ màlúù mu díẹ̀ kí wàrà lè wálẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fún wàrà máa ń ti ìka bọ inú wàrà kí ọwọ́ wọn lè máa yọ̀, aṣọ kan náà ni wọ́n sì fi ń nu gbogbo màlúù. Ibẹ̀ gan-an ni àrùn ti ń rìn. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì ọ́ríọ́ọ̀sì ń gbé inú ọmú tó ń ṣàìsàn àti lára awọ orí ọmú. Kò lẹ́sẹ̀, kò níyẹ̀ẹ́. Ìka, aṣọ, wàrà tó kán sí ọwọ́ àti ẹnu ọmọ màlúù tó lọ mu ọmú ìyá ẹlòmíì ló ń gbé e kiri. Àwọn kòkòrò mìíràn, bí Íkólì, inú ìgbẹ́ àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń wá, ìyẹn sì máa ń pọ̀ lásìkò òjò nígbà tí ilẹ̀ agbo bá ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ wo agbo kan ní Kúje tí mo bá dókítà ẹran lọ. Màlúù mẹ́rin ni ìyá tó ni ín ń fún: Fíríṣíànì alábọ́dé méjì, irú màlúù òkè òkun, àti Bunájì funfun méjì, irú màlúù àwọn Fúlàní. Màlúù tó ń mú wàrà wá jù nínú wọn ti ní kóró-kóró nínú wàrà rẹ̀ rí. Wọ́n ra abẹ́rẹ́ lọ́jà, wọ́n gún un fún ọjọ́ kan, kóró-kóró náà lọ, gbogbo ilé sì gbà pé ó ti sàn. Lẹ́yìn náà ni wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lára òun àti lára màlúù kejì. Oúnjẹ ni ìyá náà ń dá lẹ́bi.

A fi ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ómò láìka irú tó jẹ́, yẹ wàrà náà wò. Ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ da omi píọ̀ wọ́tà kan, ìyẹn 50 cl, sínú ìgò, kí ẹ po ọṣẹ náà mọ́ ọn ní nǹkan bíi gíráàmù 15, tó jẹ́ ṣíbí tíì mẹ́fà tí kò ga lójú. Ẹ rọra pò ó kó má hó. Ẹ wá ife funfun kéékèèké mẹ́rin, ọ̀kan fún orí ọmú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún wàrà àkọ́kọ́ dànù, kí ẹ wá fún díẹ̀ sínú ife, bíi ṣíbí tíì kan. Ẹ bu omi ọṣẹ tó bá a dọ́gba sí i, kí ẹ máa yí ife náà róbótó fún bíi sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá sí ogún. Wàrà tó dára á máa ṣàn bí omi. Wàrà tó ń ṣàìsàn á ki, á sì máa fà bí ilá, nítorí ọṣẹ ti fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá ṣe ń fà tó ni àrùn ṣe pọ̀ tó. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí màlúù bímọ, tàbí nígbà tí wàrà rẹ̀ bá ti fẹ́ gbẹ tán, torí pé ní ìgbà méjèèjì yìí wàrà tó dára náà lè fà.

Nínú agbo yẹn, orí ọmú ẹ̀yìn méjèèjì ti màlúù àkọ́kọ́ fà gan-an. Orí ọmú kan fà lára Fíríṣíànì kejì. Ti àwọn Bunájì méjèèjì kò fà rárá. Dókítà wá béèrè pé, “Ìyá, èwo ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún?” Èyí tó ń mú wàrà wá jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún, kí wọ́n lè tètè rí wàrà rẹ̀ gbé lọ sọ́jà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fún Fíríṣíànì kejì, pẹ̀lú ọwọ́ kan náà àti aṣọ kan náà. Àwọn Bunájì jìnnà sí i díẹ̀, ẹlòmíì ló sì ń fún wọn. Àrùn náà ti tẹ̀ lé ipa ọ̀nà ọwọ́ lọ.

Nítorí náà, ètò ni a kọ́kọ́ yí padà. Màlúù tí ọṣẹ kò fi àrùn hàn lára rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún báyìí, èyí tó ń ṣàìsàn ló kẹ́yìn. Ẹni tó ń fún wàrà ń fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tún un fọ̀ láàárín màlúù kan sí òmíràn. Màlúù kọ̀ọ̀kan ní aṣọ tirẹ̀, wọ́n ń sè é, wọ́n sì ń sá a sí oòrùn lójoojúmọ́. Orí ọmú nìkan ni kí ẹ fi omi nù lẹ́yìn tí ọmọ màlúù bá ti mu, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Èmi kò fara mọ́ dída omi sí gbogbo ọmú: omi ìdọ̀tí á ṣàn wálẹ̀, á dúró sí ẹnu ihò orí ọmú, ibẹ̀ ni ọwọ́ á sì ti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Wàrà àkọ́kọ́ láti orí ọmú kọ̀ọ̀kan, bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ fún un sínú ife tí inú rẹ̀ dúdú, kí kóró-kóró lè tètè hàn. Ẹ má fún un sílẹ̀, ẹ má sì fún un sí àtẹ́lẹwọ́.

Ohun tó ṣe iṣẹ́ jù, tí ọ̀pọ̀ agbo kì í sì í ṣe, ni ríri orí ọmú sínú oògùn lẹ́yìn fífún. Ẹ ra pófídónì áyódíìnì ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní kẹ́míìsì. Áyódíìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà bí ẹ bá fi omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù pò ó ní dọ́gba-dọ́gba, á di ìdajì ìdá kan, ìyẹn sì tó. Ẹ fi gilisẹ́ríìnì díẹ̀ sí i kí awọ má baà sán. Ẹ ri orí ọmú kọ̀ọ̀kan bọ inú ife kékeré kó bò ó dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, lẹ́yìn tí ọmọ màlúù bá ti mu èyí tó kù tán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ife, ẹ dà á nù. Ẹ má dà á padà sínú ìgò. Ẹ má fi oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ ṣe é, ó ń jó awọ, òórùn rẹ̀ sì ń wọ wàrà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún màlúù ní oúnjẹ, kó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ihò orí ọmú máa ń ṣí sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn fífún, bó bá dùbúlẹ̀ sórí ìgbẹ́ lásìkò yẹn, ó ti ṣílẹ̀kùn fún Íkólì.

Ní ti ìtọ́jú, dókítà ló ń yan oògùn. Àwọn túùbù kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ihò orí ọmú: ẹ fún wàrà inú rẹ̀ tán, ẹ fi òwú tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì nu ẹnu ihò náà, kí ẹ má sì ti imú túùbù náà wọlé jìnnà. Túùbù kan fún orí ọmú kan, kí ẹ sì lò ó pé iye ọjọ́ tí dókítà sọ, àní bí kóró-kóró bá lọ ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kan tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ ní Kúje yẹn ló jẹ́ kí kòkòrò fara pamọ́. Wàrà màlúù tó wà lórí oògùn kì í ṣe títà, títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ á fi pé. Bí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, ẹni tó ń ṣe nónò máa mọ̀: oògùn á pa kòkòrò rere tó ń mú un kan, nónò kò sì ní kan.

Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì ṣòroó lé kúrò nígbà tí màlúù bá ṣì ń mú wàrà wá, torí pé ó ń sá sínú ẹran ara tó ti le. Dókítà náà gba wàrà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kòkòrò yìí náà ni wọ́n sì rí níbẹ̀. Màlúù àkọ́kọ́ ku bí oṣù méjì kó bímọ, wọ́n dá fífún un dúró, wọ́n sì fi túùbù tí wọ́n ṣe fún àsìkò tí wọn kì í fún wàrà màlúù sínú orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó bímọ tán, tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀kan nínú àwọn tó fà tẹ́lẹ̀ kò fà mọ́. Èkejì ṣì ń fà. Ti màlúù kejì kò fà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ìpín kan tó ṣẹ́ kù yìí, wọn kì í fún un fún títà. Òun ló ń kẹ́yìn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wàrà rẹ̀ sì ń lọ sí kòtò. Ìyá náà ti pinnu láti ta màlúù náà fún alápatà lẹ́yìn tí ọjọ́ oògùn bá ti pé.

Ipò kan wà tí kò fàyè gba dídúró de ọ̀la. Bí màlúù bá kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ gbóná ju 39.5 °C lọ, tí wàrà rẹ̀ di omi pupa tàbí omi ofeefee, tàbí tí orí ọmú náà tutù tó sì ń dúdú, ẹ pe dókítà ní wákàtí yẹn. Kó tó dé, ẹ máa fún ìpín tó ń ṣàìsàn náà dànù ní wákàtí méjì-méjì, sínú garawa tó ní oògùn apakòkòrò, kí ẹ sì jẹ́ kí màlúù náà rí omi mu.