Jẹnẹrétọ̀ Tó Bọ́ Sínú Àkáǹtì Àtúnṣe

Alẹ́ ọjọ́ tí a ń ti ìwé oṣù ni, ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà, nígbà tí ọmọbìnrin tó ń ṣe ìwé náà lábẹ́ mi wá bá mi. "Tíráyà bálánsì ti dọ́gba, mà." Báàgì rẹ̀ ti wà léjìká, kí ọkọ̀ Ìkòròdú má baà tán.

Mo ní kó dúró díẹ̀. Tíráyà bálánsì ni ìwé tó kó iye gbogbo àkáǹtì jọ. Ohun tí dídọ́gba yẹn ń sọ kò ju pé iye tó wọ ọwọ́ òsì náà ló wọ ọwọ́ ọ̀tún. Bóyá inú àkáǹtì tó yẹ ló wọ̀, kò mọ̀.

Ó bá tẹ́ ìwé oṣù tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, ó ń kà wọ́n ní ìlà-ìlà. Àkáǹtì 6140, ti àtúnṣe ẹ̀rọ, jẹ́ ₦310,000 lóṣù tó kọjá. Lóṣù yìí, ₦5,130,000.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí la tún ṣe tó gba owó tó báyìí?"

A kò tún nǹkan kan ṣe. Jẹnẹrétọ̀ la rà níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ₦4,800,000. Nígbà tó fa fáúṣà rẹ̀ yọ, ọ̀rọ̀ yé wa: 1640, àkáǹtì dúkìá ilé iṣẹ́, ló yẹ kí wọ́n tẹ̀, 6140 ni wọ́n tẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà, kò sì rí ìdí kankan tí yóò fi kọ̀ ọ́. Bí a bá yọ owó jẹnẹrétọ̀ kúrò, ₦330,000 ló kù, èyí sì jọ ti oṣù tó kọjá.

Owó àtúnṣe, inú oṣù tí a ná an ló ń parí sí. Jẹnẹrétọ̀ tí a retí pé yóò lo ọdún 5, díẹ̀díẹ̀ la ń yọ owó tirẹ̀ lára èrè, ₦80,000 lóṣù. Àṣìtẹ̀ nọ́ńbà méjì ló jẹ́ kí ìwé sọ pé a pàdánù ₦1,900,000.

Ó fẹ́ pa jọ́nà náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ owó jẹnẹrétọ̀, rẹ́, mo ní rárá. Ohun tí a ti kọ sínú ìwé kì í pòórá. Òmíràn la fi ń tún un ṣe, kí olùyẹ̀wò lè tọ ipa rẹ̀. Àwọn kan máa ń yí gbogbo jọ́nà padà, kí wọ́n tó kọ ọ́ lákọ̀tun. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, torí owó náà jáde ní báǹkì lóòótọ́, a sì ti fi ìwé wa wé ti báǹkì tán. Ìlà méjì ti tó, Dr fún ọwọ́ òsì, Cr fún ọwọ́ ọ̀tún:

```
Dr 1640   4,800,000
Cr 6140   4,800,000
```

Ó kọ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀, ó so ìwé owó ọjà mọ́ ọn, èmi ni mo sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó kọ jọ́nà kọ́ ló yẹ kó fọwọ́ sí i.

Bó ṣe tún gbé báàgì kọ́ ni mo bi í pé ₦80,000 wá ńkọ́. Àárọ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ṣírò owó gbígbó ẹ̀rọ, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì sí nínú 1640, kò sì kà á mọ́ wọn. Ó ní láti kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà dúkìá, kó tún ìṣirò náà ṣe. Àdánù di èrè ₦2,820,000. Aago 11 ku díẹ̀ kó tó délé.