Gbòǹgbò onípò n ti n: ìdáhùn tọ̀nà, ìdí rẹ̀ kò tọ̀nà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ní kí ó wá ibi tí n^(1/n), ìyẹn gbòǹgbò onípò n ti n, ń lọ bí n bá ń pọ̀ sí i láìdúró. Ìlà kan péré ló kọ: "1/n ń lọ sí 0. Nọ́ńbà yòówù tí a bá gbé sí agbára 0 á di 1. Nítorí náà, ìdáhùn ni 1." Mo fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Sà, ṣebí 1 náà ni ìdáhùn?"

1 ni lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí lágídí nìyẹn: ó gbé ẹni tó dì í mú dé ibi tó yẹ kó dé, kò sì sẹ́ni tó máa ń padà lọ wo ọ̀nà tó gbà. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa, mo sì ti rí i lọ́wọ́ olùkọ́ pàápàá.

N kò bá a jiyàn. Mo kàn ní kó fi ọ̀rọ̀ kan náà ṣe (2^n)^(1/n). Ó tún bẹ̀rẹ̀, "1/n ń lọ sí 0, nọ́ńbà yòówù tí a bá gbé sí agbára 0…", ó sì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó ti rí i. Bí n bá jẹ́ 5, 2^5 jẹ́ 32, gbòǹgbò onípò 5 ti 32 sì jẹ́ 2. Bí n bá jẹ́ 10, 2^10 jẹ́ 1024, gbòǹgbò onípò 10 rẹ̀ ṣì jẹ́ 2. Ibi yòówù kí n dé, 2 ni a ó máa bá níbẹ̀. Agbára ń lọ sí 0 bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn kò súnmọ́ 1 rárá. Tí a bá fi 7 rọ́pò 2, 7 la ó rí.

Kí ló wá burú nínú ọ̀rọ̀ tó kọ? Òfin tó ní nọ́ńbà tí a gbé sí agbára 0 á di 1 wà fún nọ́ńbà tó dúró sójú kan. Tí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ 50, tí kò sì yí padà, 50^(1/n) á lọ sí 1 láìsí àríyànjiyàn. Nínú n^(1/n), ìpìlẹ̀ kò dúró. Bí agbára ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ń tóbi sí i. Ìpìlẹ̀ ń fa ìdáhùn sókè, agbára ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 1. A kò lè jẹ́ kí agbára dé ìparí ìrìn àjò tirẹ̀ kí ìpìlẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. n kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń rìn. Ẹni tó bá kọ ∞^0 sílẹ̀ kò tíì kọ nọ́ńbà kankan. Ìjà tí kò tíì parí ló kọ.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ òdìkejì ni wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí n ń pọ̀ láìlópin, gbòǹgbò rẹ̀ náà á máa pọ̀ lọ. Ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀ ló ń tàn wọ́n: 1 ń fúnni ní 1, 2 ń fúnni ní 1.4142, 3 ń fúnni ní 1.4422. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní ó ń gòkè. Ṣùgbọ́n 4 ti padà sí 1.4142, iye kan náà pẹ̀lú ti 2, nítorí pé 2^4 àti 4^2 jọ jẹ́ 16. Láti 3 lọ, sísọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀: ní 10 ó jẹ́ 1.2589, ní 100 ó jẹ́ 1.0471, ní 1000 ó jẹ́ 1.0069.

Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ń fi ọ̀nà hàn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹ̀rí. Kò sí ohun tó wà nínú wọn tó ní kí ìtò náà má dúró sí 1.0005. Lọ́gárídíìmù ló máa yanjú rẹ̀, ohun tó sì ń ṣe kò ju kó sọ agbára kalẹ̀ di ìsọdipúpọ̀ lásán. Ẹ jẹ́ ká pe n^(1/n) ní y. Nígbà náà:

```
ln y = (1/n) · ln n = (ln n)/n
```

Ìjà tó fara pamọ́ tẹ́lẹ̀ ti bọ́ síta báyìí. ln n wà lókè, n wà nísàlẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì kù: èwo nínú wọn ló yára jù? Bí n bá jẹ́ 1000, ln n jẹ́ nǹkan bí 6.908. Bí n bá di 1,000,000, ó ti di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n 6.908 mìíràn péré ni ln n fi lé e, ó wá di 13.816. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń di ìlọ́po, èyí tó wà lókè ń gba àfikún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlọ́po àti àfikún yìí ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà ró.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò gùn. Fún x yòówù tó ju 0 lọ, ln x kéré sí x. Ẹ fi √n sí ipò x: ln √n kéré sí √n. Ṣùgbọ́n ln √n kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ìdajì ln n lọ, nítorí náà ln n kéré sí 2√n. Ẹ wá fi n pín ìhà méjèèjì:

```
0 ≤ (ln n)/n < 2/√n
```

Ohun tó wà lápá ọ̀tún ń lọ sí 0, èyí tó wà láàárín kò sì ríbi yẹ̀ sí. Ní 1,000,000, 2/√n jẹ́ 0.002, nígbà tí (ln n)/n fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.0000138. Ògiri tí a mọ yìí jìnnà sí ohun tó ń sé mọ́, ṣùgbọ́n kò pọndandan kó súnmọ́ ọn. Kó ṣáà ti lọ sí 0.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń dé ibí yìí tí wọ́n á kọ 0 gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Wọ́n ti gbàgbé pé lọ́gárídíìmù y ni wọ́n wá, kì í ṣe y fúnra rẹ̀. Ó rọrùn láti fura sí àṣìṣe yìí: gbòǹgbò nọ́ńbà tí kò kéré sí 1 kì í kéré sí 1 láé, nítorí náà kò sí bí n^(1/n) ṣe lè lọ sí 0. A gbọ́dọ̀ padà. y jẹ́ e^(ln y), ìlà e^x kò sì ní ibi tó ti já tàbí tó ti fò, nítorí náà bí ln y bá ń lọ sí 0, y á máa lọ sí e^0, tí í ṣe 1. Ẹ kíyè sí i pé òfin tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kọ́kọ́ lò la tún lò níbí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé e dúró sójú kan, ìdí nìyẹn tí òfin náà fi gbà á.

Mo fún un ní ìkejì kó lè rí i pé ọ̀nà yìí kì í ṣe ti 1 nìkan: (n!)^(1/n), níbi tí n! ti jẹ́ 1 × 2 × 3 títí dé n. Ìpìlẹ̀ ń pọ̀ láìlópin, agbára ń lọ sí 0, àwòrán kan náà gẹ́lẹ́. Lọ́gárídíìmù rẹ̀ ni (ln 1 + ln 2 + … + ln n)/n, èyí tí í ṣe ìpíndọ́gba lọ́gárídíìmù gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé n. Ó kéré tán, ìdajì wọn kò kéré sí n/2, kò sì sí ìkankan nínú ìyókù tí lọ́gárídíìmù rẹ̀ kéré sí 0. Nítorí náà ìpíndọ́gba náà kò lè kéré sí ìdajì ln(n/2). Díẹ̀díẹ̀ ni ln(n/2) ń rìn, a ti rí i lókè, ṣùgbọ́n kò ní ibùdó. Lọ́gárídíìmù náà ń lọ láìlópin, gbòǹgbò náà sì ń tẹ̀ lé e. Ní 10, 10! jẹ́ 3,628,800, gbòǹgbò onípò 10 rẹ̀ sì jẹ́ 4.53. Ní 100, ó ti di 37.99.

Ẹni tó bá ti wò ó báyìí á mọ ohun tí n^5 máa ṣe láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìwé kiri. Lọ́gárídíìmù gbòǹgbò onípò n rẹ̀ ni 5(ln n)/n. Ìlọ́po márùn-ún ohun tó ń lọ sí 0 ṣì ń lọ sí 0, nítorí náà 1 ni gbòǹgbò náà ń lọ.

Ìgbàgbọ́ òdì yìí ní ìbejì, mo sì fẹ́ kó bá èyí náà pàdé kó tó lọ. Mo ní: "n^(1/n) ń lọ sí 1, àbí? Wàyí o, gbé gbogbo rẹ̀ sí agbára n. Kí ni yóò dà?" Ó fẹ́ sọ pé 1, nítorí pé 1 tí a gbé sí agbára yòówù ṣì jẹ́ 1. Lẹ́yìn náà ló wo ohun tó kọ sílẹ̀: (n^(1/n))^n jẹ́ n fúnra rẹ̀. Ní 1000, ìpìlẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 1.0069, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí 1, síbẹ̀ agbára 1000 sọ ọ́ di 1000.

Ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Sà, tí mo bá wá gbé e sí agbára √n ńkọ́?" Mo kó bírò fún un. Ó kọ ọ́ pé lọ́gárídíìmù rẹ̀ ni √n · (ln n)/n, tó fi ara wọn pa rẹ́ di (ln n)/√n. Ó rí i pé ògiri 2√n kò tó mọ́, nítorí 2 péré ló máa kù tó bá fi √n pín in. Ó wá fi n^(1/4) sí ipò x dípò √n, ó rí ln n < 4n^(1/4), ó fi √n pín in, ó sì kù ú ní 4/n^(1/4), èyí tó ń lọ sí 0. Èyí náà lọ sí 1. Ó fi 1,000,000 dán an wò: 13.816 tí a fi 1000 pín jẹ́ 0.0138, e tí a gbé sí agbára ìyẹn sì jẹ́ 1.0139. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá agbára tí kò ní í jẹ́ kó lọ sí 1, tí kò sì ní í jẹ́ kó lọ láìlópin. Kó tó dìde, ó ti rí i: n/(ln n). Lọ́gárídíìmù rẹ̀ jẹ́ 1 ní ibi gbogbo láti n = 2 lọ, e gan-an sì ni ìdáhùn.