Ta Ni Wọ́n Ń Kó Ìbò Tó Bàjẹ́ Fún?

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ yìí á tún bẹ̀rẹ̀ nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́: pé ìbò tó bàjẹ́ kì í ṣòfò, pé ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà ni wọ́n máa ń kó o fún. Àwọn kan tiẹ̀ ní òun ni wọ́n fi ń yanjú ọ̀rọ̀ bí olùdíje méjì bá ta ọ̀mì. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníṣòwò, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gboyè jáde ní LAUTECH. Bí mo bá sì béèrè ibi tí wọ́n ti rí i, “gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n” ni èsì.

Pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń ka ìbò ní ibùdó ìdìbò, tí wọ́n ń gbé ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ rí i, ìyẹn ò le. Ẹni tó bá ti dúró di ìrọ̀lẹ́ rí ti mọ̀ ọ́n. Fọ́ọ̀mù EC8A tí wọ́n ń kọ èsì ibùdó sí lẹ́yìn náà ló ń da àwọn èèyàn láàmú, nítorí pé oríṣi ìwé méjì tí gbogbo wa ń pè ní ìbò tó bàjẹ́ ló ní àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀.

Èkíní ni ìwé tí olùdìbò bà jẹ́ kó tó dé inú àpótí. Ìyá kan tẹ̀ka sí ibi tí kò fẹ́, tàbí ìwé náà ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá dá a padà fún ọ̀gá ibùdó, tí ìyẹn sì gbà pé àṣìṣe ni, yóò fún un ní òmíràn, yóò sì fagi lé ti àkọ́kọ́. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ò dé inú àpótí rárá. Èkejì ni èyí tó wọ àpótí ṣùgbọ́n tí kò ṣeé kà: ẹni tó tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ méjì, ẹni tí kò tẹ ibì kankan, tàbí ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé ọ̀gá ibùdó lẹ́yìn. Èyí ni ìbò tí wọ́n kọ̀. Olùdìbò ti lọ sílé kí wọ́n tó rí i, kò sì sí ẹni tó máa fún un ní òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi ibùdó kan tí mo kàn ń rò ṣe ìṣirò. Ká ní ó wà ní Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, orúkọ 612 ló wà nínú ìwé rẹ̀, ìwé ìdìbò 612 ni INEC sì kó wá. Ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò gba èèyàn 187 wọlé, gbogbo wọn ló sì dìbò. Mẹ́ta nínú wọn ba ìwé jẹ́, wọ́n sì gba pààrọ̀. Nígbà tí wọ́n tú àpótí, ìwé 187 ló wà níbẹ̀. 9 nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ̀, ó ku 178. Ẹgbẹ́ kan ní 96, òmíràn ní 70, ìkẹta ní 12.

Ibi tí ariwo ti máa ń sọ nìyí. Lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n máa kọ iye ìwé tí wọ́n lò: 3 tó bàjẹ́, 9 tí wọ́n kọ̀, 178 tó dára. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 190. Ẹnìkan á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù: “Ẹ̀rọ gba 187, wọ́n lo 190, mẹ́ta tó lé dà?” Mẹ́ta tó lé kò lọ síbì kankan. Òun ni mẹ́ta tí wọ́n pààrọ̀, tó wà nínú àpò lọ́tọ̀. Kí wọ́n tó lè sọ pé ìbò pọ̀ ju èèyàn lọ, ohun tó wà nínú àpótí ni wọ́n máa fi wé iye tí ẹ̀rọ gbà, ìyẹn 187 sí 187. Bí ti àpótí bá fi ẹyọ kan péré ju ti ẹ̀rọ lọ, òfin ní kí wọ́n fagi lé èsì ibùdó náà. Ìwé tí wọn ò tíì lò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 422. Bí 422 àti 190 ò bá pé 612, nígbà náà ni kí ẹ pariwo.

Ní báyìí, ta ni wọ́n kó mẹ́sàn-án yẹn fún? Ẹ fi kún ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, á di 105, àpapọ̀ ìbò tó dára á di 187, àyè àwọn tí wọ́n kọ̀ á sì di òfo. Fọ́ọ̀mù kan náà kò lè ka ìwé mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀mejì kí ìṣirò rẹ̀ sì gún.

Mo fura pé ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ọdún 2018 dá kún ìrújú yìí. Adélékè ti PDP ní 254,698, Oyètọ́lá ti APC ní 254,345, àlàfo 353 péré. Ṣùgbọ́n àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó méje tí èsì wọn ò sí nínú rẹ̀ jẹ́ 3,498, ó ju àlàfo yẹn lọ fíìfíì. INEC kò kéde ẹnikẹ́ni, wọ́n tún ìdìbò ṣe níbẹ̀, Oyètọ́lá ló sì wọlé. Àwọn tó gbọ́ “ìbò tí wọ́n fagi lé” lórí rédíò lè ti rò pé ìwé tó bàjẹ́ ló sọ ọ́ di gómìnà. Odindi ibùdó ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ìwé tí ẹnìkan tẹ̀ka méjì sí.

Ọ̀mì gan-an ò ní wàhálà. Òfin Ìdìbò ní bí iye tó ga jù bá dọ́gba, kí wọ́n má kéde ẹnikẹ́ni, kí INEC dá ọjọ́ fún ìdìbò tuntun. Nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́. Nínú méjèèjì, ìbò tí wọ́n kọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń yanjú ọ̀mì.

Ní ti ìdá àwọn tó jáde dìbò, tí wọ́n tún máa ń jiyàn lé lórí, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fi pín in. Nínú ìdìbò ààrẹ 2023, orúkọ 93,469,008 ló wà nínú ìwé. Ìbò tí wọ́n dì jẹ́ 24,965,218, ìyẹn ìdá 26.71 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá lo 25,286,616 tí ẹ̀rọ gbà á rí 27.05. Irọ́ kọ́ ni ìkankan nínú méjèèjì. Tinubu ní ìdá 36.61 nínú ìbò tó dára, kì í ṣe nínú gbogbo orúkọ. Kò sì sí òfin tó ní kí ìlàjì ìlú jáde kí ìdìbò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó ń sọ ọ́ tutọ́ tó.

Mi ò sọ pé kò sí èrú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèrú lè kọ iye èké láti ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ sì gún régé. Ọ̀gá ibùdó tún lè sọ pé ìwé tó dára kò ṣeé kà, pàápàá bí aṣojú ẹgbẹ́ bá ti lọ jẹun. Ìbò 939,278 ni wọ́n kọ̀ ní 2023. Kò tó àlàfo 1,810,206 tó wà láàárín ẹni kìíní àti ìkejì, ṣùgbọ́n ní ìdìbò kékeré, iye tí wọ́n kọ̀ lè ju àlàfo lọ.

Nítorí náà, ẹ tẹ ìka lẹ́ẹ̀kan, sí àyè ẹgbẹ́ yín nìkan lórí ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí yíǹkì gbẹ díẹ̀, kí ẹ sì ká ìwé náà bí wọ́n ṣe fi hàn yín kó má baà kun ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé wà níbẹ̀. Bó bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má tijú, ẹ má jù ú sínú àpótí. Ẹ gbé e padà fún ọ̀gá ibùdó.