Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àbí àádọ́ta?

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn mẹ́rin ló ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò lórí tí kò nídìí ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n á kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni màámi ń sọ?" Apòògùn ni mí, n kì í ṣe aríran. Ṣùgbọ́n ìkẹrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Bí wọ́n ṣe ń tẹ máìkì orí kíbọ́ọ̀dù, tí fóònù á máa bá èèyàn kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, gbogbo yín lẹ kúkú mọ̀ ọ́n. N kò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Màmá kan wà n'Ìbàdàn níbí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, oníbàárà mi láti ọjọ́ pípẹ́. Àtọ̀gbẹ ń bá a fínra, yúnìtì ínsúlínì 15 ló sì máa ń gún ní òwúrọ̀ kó tó jẹun. Ojú rẹ̀ kò gbé lẹ́tà kéékèèké mọ́, ẹnu ló fi ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ rí lórí Wáàsáàpù ìdílé wọn nìyí:

```
I have taken my 50 this morning Ogun bow me
```

Àyà ọmọkùnrin rẹ̀ tó wà l'Ékòó já. Ó pe màmá: "Mọ́mì, ṣé fíftì lẹ gbà láàárọ̀ yìí?" Màmá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, fíftíìn." Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù náà ló tún gbọ́, ló bá pè mí pẹ̀lú igbe. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kò tiẹ̀ wo nọ́ḿbà. "Ogun bò mí" ló kà níbẹ̀, wòlíì ló sì pè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fóònù yẹn. Ìró nìkan ló ń wọlé sí i. Á wá máa wo inú èdè tí wọ́n yàn fún un, kó lè mú ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ìró náà jù, tí àwọn èèyàn sì sáábà máa ń sọ tẹ̀lé ara wọn. Kò mọ màmá, kò mọ ínsúlínì, kò mọ̀ pé 15 ni wọ́n kọ fún un ní ọsibítù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yàn fún fóònù yìí, nítorí náà gbogbo Yorùbá tó bá bọ́ sí i létí gbọ́dọ̀ di Gẹ̀ẹ́sì tipátipá.

Ní ti fíftíìn àti fíftì, ẹnu wa gan-an wà nínú ẹjọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹ ẹnu mọ́ ìparí fíftíìn, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fíftì, á sì fi ahọ́n sé "n" ìparí yẹn mọ́ òkè ẹnu. Àwa kì í sé e. Imú la máa ń fi gbé e, bí a ti ń pe "ìyẹn" tàbí "ọ̀bùn". Ẹ fi ariwo jẹnẹrétọ̀ kún un, "n" ti pòórá nìyẹn, ó ku "ti" lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láti 13 àti 30 títí dé 19 àti 90. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé 50 mọ́ tónítóní lójú. Ọ̀rọ̀ tó dàrú, èèyàn á rí i pé ó dàrú, á béèrè. Ta ló máa béèrè lọ́wọ́ 50?

Ọmọkùnrin yẹn gbìyànjú, ó béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dá wàhálà sílẹ̀ náà ló tún fi béèrè. Ó pe fíftì, màmá gbọ́ fíftíìn. Màmá dá fíftíìn padà, òun náà gbọ́ fíftì. Àwọn méjèèjì gbà fún ara wọn, wọn kò sì sọ ohun kan náà. Ẹ má ṣe gbé ìdáhùn sí ẹni tí ẹ ń bi ní ìbéèrè lẹ́nu. "Ṣé báyìí lẹ wí?" kì í ṣe ìbéèrè, nítorí "bẹ́ẹ̀ ni" ni àgbàlagbà tó ti rẹ̀ máa fi dá yín lóhùn. Ẹ bi í pé "èló ni?", kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó sì gba ọ̀nà mìíràn sọ ọ́.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo pè é, mo kí i, mo ní, "Mà, yúnìtì mélòó lẹ fà sínú abẹ́rẹ́? Ẹ fi Yorùbá kà á fún mi." Ó ní, "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Etí wo ló máa pa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀ mọ́ àádọ́ta? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí kò lè ka Yorùbá dé àádọ́ta, kí wọ́n pe nọ́ḿbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: "wan, fáìfù". Bí àwọn awakọ̀ òfuurufú ṣe ń pè é fún ara wọn nìyẹn. Mo tún bi í ibi tí ọ̀pá abẹ́rẹ́ náà dúró sí, nítorí nínú síríǹjì ínsúlínì oní-100, àádọ́ta á dé ìdajì géérégé. Ó ní kò tiẹ̀ dé ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ lórí nọ́ḿbà.

Ó ku "Ogun bow me". Irú èyí, ẹ má fi ojú kà á, ẹ pè é sókè kíákíá, kí etí yín gbọ́ ọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi. Ogun ni àbí ogún, Ògún ni àbí òógùn? Mo ní, "Mà, kí ló ń bò yín?" Ó ní, "Òógùn ni o. Aṣọ ọrùn mi ti tutù, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n."

"Ẹ ti jẹun?"

"Rárá, mo ń dúró de ọmọ tó lọ ra mọ́ínmọ́ín."

Nọ́ḿbà tó dẹ́rù bà wọ́n, irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó dà bíi wèrè ni òótọ́. Ṣúgà rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Mo ní kó po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́rin sínú omi, kó mu ún, kó sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ wò ó. 58 ni, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ ti kéré jù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó di 84, mọ́ínmọ́ín sì dé. (Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ọsibítù ni.)

Ní gbogbo àkókò yìí, wòlíì ti ní kí wọ́n lọ ra àbẹ́là méje, kí màmá má sì fi nǹkan kan kan ẹnu títí di ọ̀sán. Ẹ gbọ́ mi? Ààwẹ̀, fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 58! N kò bá àdúrà jà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ṣẹ́ yìí ní yunifásítì, mo tún fi ọdún kan kọ́ ọ lábẹ́ ọ̀gá, wòlíì tó ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì ohùn kò sì lè fi ìṣẹ́jú méjì sọ iṣẹ́ náà di yẹpẹrẹ lójú mi. Bákan náà ni oníkẹ́míìsì àdúgbò wa, tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ jágbajàgba hàn án, á ní "mo mọ ohun tó ń sọ", á nawọ́ sórí pẹpẹ. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ń dá a lábàá ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, màmá tún fi ẹnu kọ̀wé sí àwọn ọmọ rẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọkùnrin rẹ̀ gbé e wá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni wọ́n ń pè ní Farm Assist?"