Ìjúwe ènìyàn nínú àwòrán ìpolówó ọjà

Ìjúwe ènìyàn nínú àwòrán ìpolówó ọjà ni àwọn gbólóhùn tí oníṣẹ́ ìpolówó máa ń kọ sílẹ̀ kí ayàwòrán tó gbé kámẹ́rà, láti fi sọ irú ẹni tí yóò wà nínú àwòrán, ọjọ́ orí rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀, ohun tí ó ń ṣe àti bí ojú rẹ̀ yóò ti rí. Ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìpolówó tó ń fi àwọn ènìyàn hàn bí wọ́n ti ń lo ọjà nílé, lọ́nà tàbí níbi iṣẹ́. Ibi tí ìwé náà bá ti dákẹ́ ni ìṣòro ti ń wọlé, nítorí ẹni tó ń yan àwọn tí a ó yà yóò mú irú ojú tó ti mọ́ ọn lára: ọ̀dọ́, apọ́nbéporẹ́, ẹni tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló gba ìṣọ́ra jù. “Dúdú” àti “pupa” kò ní ìwọ̀n, nítorí ẹni tí wọ́n ń pè ní pupa nínú ilé kan lè di dúdú nínú ilé kejì. “Adúmáadán” sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn, kì í ṣe ìwọ̀n. Ìwọ̀n tí Fitzpatrick, oníṣègùn awọ ara, gbé kalẹ̀ ní 1975 dá lórí bí oòrùn ṣe ń jó awọ, àwọn awọ funfun ló sì kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ kí a tó fi àwọn tó dúdú kún un. Ìwọ̀n tí Ellis Monk, onímọ̀ àwùjọ ní Yunifásítì Harvard, ṣe, tí Google gbé jáde ní 2022, ní àwọ̀ 10, láti 01 tó mọ́lẹ̀ jù dé 10 tó dúdú jù. Òun ló wúlò jù fún iṣẹ́ yìí, torí pé akọ̀wé àti ayàwòrán lè jọ wo àwọ̀ kan náà.

Ó yẹ kí a kọ aṣọ mọ́ àwọ̀. Kámẹ́rà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ sọ gbogbo ohun tó bá rí di àwọ̀ eérú tó wà láàárín funfun àti dúdú. Bí adúmáadán bá wọ agbádá funfun, aṣọ ni kámẹ́rà yóò tẹ̀ lé, ojú rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn títí ìrísí rẹ̀ fi máa pòórá. Bí ìwé bá ti sọ pé aṣọ náà funfun, ayàwòrán yóò ti mọ̀ pé ojú ni òun yóò ti wọn ìmọ́lẹ̀, kí ó sì mú pátákó funfun dání láti fi dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú náà.

Ní ti ìṣesí ojú, “ó ń rẹ́rìn-ín” kò tó. Duchenne, oníṣègùn ará Faransé, ti fi hàn ní 1862 pé ẹ̀rín àtọkànwá máa ń fún iṣan tó yí ẹyinjú ká, kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń pàṣẹ fún ènìyàn ní iwájú kámẹ́rà. Ohun tó fa ẹ̀rín ni ká kọ: ẹni wo ló ń sọ̀rọ̀, kí ló sọ, ta ni ojú ẹni yìí ń wò.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ìpolówó tíì fún ìdílé kan ní Ìbàdàn. Ìwé àkọ́kọ́ sọ pé: “Ìdílé aláyọ̀ kan ń mu tíì ní òwúrọ̀.” Ohun tó sábà máa ń tẹ̀yìn irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ yọ ni kí ìyàwó máa bu tíì, kí ọkọ máa ka ìwé ìròyìn, kí ìyá àgbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá. Ìwé kejì sọ pé: “Obìnrin ẹni ọdún 68, àwọ̀ 09, irun funfun, ìlà pélé lẹ́ẹ̀kẹ́ẹ̀, bùbá aláwọ̀ aró. Ó ti fi ọ̀rọ̀ ojú fóònù rẹ̀ sílẹ̀ láti gbọ́ ìtàn tí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún 9, àwọ̀ 07, ń sọ. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń retí òpin ìtàn. Bàbá ọmọ náà, ẹni ọdún 40, àwọ̀ 08, ń bu tíì sí kọ́ọ̀bù, kò wo kámẹ́rà.” A ò fi ìlà ojú náà sọ pé ará oko ni ìyá àgbà, ojú rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, a sì kọ ọ́ bí a ti kọ irun rẹ̀.

Òfin náà ti dá sí i láwọn ibì kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kẹfà 2019, ìpolówó kò gbọdọ̀ fi èrò àbùkù nípa ọkùnrin tàbí obìnrin hàn lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà ni wọ́n fòfin de ìpolówó méjì àkọ́kọ́: ọ̀kan níbi tí àwọn bàbá ti gbàgbé ọmọ wọn sórí bẹ́líìtì tó ń gbé oúnjẹ, èkejì níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń ṣe akin, tí obìnrin kàn jókòó ti kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ní Nàìjíríà, ARCON, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìpolówó, fòfin de lílo àwọn àjèjì nínú ìpolówó láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2022, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò sọ irú àwọ̀ tí ọmọ Nàìjíríà tí a ó yà yóò ní.

Nígbà tí àwòrán bá jáde, a máa ń dín in kù títí yóò fi tó èékánná, kí a wá wò ó: ta ló di ọjà mú, ojú ta ló hàn kedere, ta sì ni gbogbo ojú ń wò? Bó bá jẹ́ ẹni tó dúdú jù tàbí tó dàgbà jù ló wà létí, tó sì ṣú bàìbàì, ìwé ni a ó tún kọ kí a tó tún un yà.